Kẹ́ ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́: bí ọmọ tó parí sẹ́kọ́ńdìrì ṣe lè mọ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó dáa

Ẹ̀yin ará wa, òkun o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àtàwọn ọmọ sọ ní Kábà nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí ò lè wá. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ tó parí wáẹ́ẹ̀kì tó lóun ò fẹ́ yunifásítì. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀, tí n bá ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ ilẹ̀ á ṣú, torí náà iṣẹ́ wẹ́dà tí mo mọ̀ ni mo mú.

Ààyè ọmọṣẹ́ kì í sí lára pátákó, ẹnu ni wọ́n fi ń wá a níbí. Àwọn wẹ́dà máa ń ní ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣe mítínì, alága wọn ló máa mọ ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù. Ọ̀nà míì tí mo fẹ́ràn jù ni pé tẹ́ ẹ bá rí géètì tó wù yín ládùúgbò, ẹ kan ilẹ̀kùn onílé kẹ́ ẹ bèèrè ẹni tó ṣe é, torí ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ẹnu ẹ̀. NDE tìjọba náà ní ètò tó ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ lè bèèrè ní Lọ́kọ́ja, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ jókòó sílé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan láti Ìsánlú. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló rí: ọ̀kan wà létí títì, ó tóbi, ọmọṣẹ́ kún ibẹ̀, owó ẹ̀ ò sì wọ́n. Èkejì wà nínú àdúgbò, ọmọṣẹ́ mẹ́ta péré, owó ẹ̀ ga. Bàbá ẹ̀ ti fẹ́ san ti etí títì. Mo ní kọ́mọ náà lọ jókòó fún ọjọ́ díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ni kó máa wò: ta ló ń di họ́dà tí wọ́n fi ń jó irin mú? Létí títì, ọ̀gá nìkan ni. Ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣì ń fi gíráíndà nu irin, ó ń kun ọ̀dà, ó ń fọ mọ́tò ọ̀gá, tí NEPA bá sì mú iná lọ, gbogbo wọn á sùn torí kò sí jẹnẹrétọ̀. Ní ìkejì, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọ̀gá á fún ọmọṣẹ́ ní àjákù irin kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó o, á fi òòlù gbá èèpo dúdú orí ẹ̀ kúrò, á wá fi àṣìṣe hàn án.

Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ olùkọ́. Tí ojú ibi tí wọ́n jó bá ní ihò kéékèèké, ó lè jẹ́ pé ẹlẹ́kitiróòdù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yọ́ sójú ibi tí wọ́n ń jó, ti gba omi tàbí pé ọmọ gbé e jìnnà jù sí irin. Tí èyí tó yọ́ bá kàn dúró sórí irin láìwọlé, kọ́rẹ́ǹtì kéré, tó bá sì jẹ etí irin wọnú, kọ́rẹ́ǹtì ti pọ̀ jù. Ọ̀gá tó lè sọ èyí fún ọmọ ló ń kọ́ni, èyí tó kàn ń pariwo "tún un ṣe!" ò kọ́ni.

Àdéhùn wá kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníduró fọwọ́ sí i. Ẹ sọ iye ọdún, kẹ́ ẹ pín owó náà, ẹ má san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ìgbà tọ́mọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin fúnra ẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó máa ra ìbòjú wẹ́dà pẹ̀lú, torí díńgí oòrùn táwọn kan ń lò ò lè dá ìmọ́lẹ̀ yẹn dúró, lóru ojú á máa ta ọmọ bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀.

Ẹ fi tírédì tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò tó ń fi hàn pé ọmọ mọṣẹ́, sí i. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é, ìpele 3 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 2, kó tó kan 1. Ìwé fúrídọ́ọ̀mù tó fún ẹni tó fẹ́ ṣe géètì ní Kábà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ kọntirákítọ̀ lápá Ọ̀bájànà, wọ́n lè bi í ní ìwé tírédì tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á tún ní kó jó irin méjì pọ̀ lójú wọn. Wọ́n lè gé e kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí ojú ẹ̀ bá là, ó tán nìyẹn. Ọmọ tó bá ṣì fẹ́ jókòó ní kíláàsì díẹ̀ lè lọ sí tẹ́kíníkà kó ṣe ìdánwò NABTEB níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé owó fúrídọ́ọ̀mù o. Ìrẹsì, mínírà, aṣọ ọ̀gá, ẹ kọ iye ẹ̀ sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, torí mo ti rí ọmọ tó mọṣẹ́ dáadáa tí ọ̀gá di ìwé ẹ̀ mú nítorí àríyànjiyàn lórí kéèsì mínírà.