Bí a ṣe ń bá oníbàárà dá iye epo pupa sí ojú kan fún ọdún kan gbáko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń kó epo pupa fún ilé oúnjẹ. Lónìí, a máa jọ kọ ìwé àdéhùn tí iye kẹ́ẹ̀gì kan kò fi ní yí padà, yálà epo pọ̀ lọ́jà tàbí ó wọ́n. Bírò, ìwé àti kálíkúlétọ̀ nìkan la nílò.

Oníbàárà tí a ń kọ ọ́ fún jẹ́ ìyá kan tó ní ilé oúnjẹ n'Íbàdàn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ni wọ́n ń rà, 20 lóṣù, ìyẹn 240 lọ́dún. Agbègbè Òkìtìpupa ni èmi ti ń lọ kó epo. Iye owó tí mo máa pè jẹ́ àpẹẹrẹ o, ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àdéhùn báyìí ti máa ń fọ́. Láti oṣù Kẹta lọ sí oṣù Kẹfà, ẹyìn máa ń pọ̀, epo á sì wálẹ̀. Iye ọjà á kéré sí iye tí ẹ jọ kọ, ojú oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síta. Tó bá wá di ìparí ọdún, epo á wọ́n, iye ọjà á ju ti inú ìwé lọ, àwa tí à ń tà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwáwí pé ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Ìwé tí kò bá di ẹnu ihò méjèèjì yìí, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ó yá, ìṣirò. Ẹ má fi iye tí epo wà lónìí ṣe ìpìlẹ̀ iye ọdún kan. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, mo máa ra 180 kẹ́ẹ̀gì ní ₦30,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á lo 60 nínú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, a ó kó 120 pa mọ́ fún oṣù Keje títí dé oṣù Kejìlá. Ó wá ku 60 tí a máa rà fún oṣù mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi ₦42,000 síwájú ìyẹn. Ẹ ròó pọ̀: 5,400,000 àti 2,520,000, ó jẹ́ 7,920,000. Ẹ pín in sí 240, ₦33,000 ló máa bọ́ sí. Mo fi ₦1,500 kún un fún ọkọ̀, owó ilé tí a kó epo sí àti ìwọ̀nba tó máa ń dànù, lẹ́yìn náà ₦2,500 tó jẹ́ èrè mi. ₦37,000 nìyẹn.

Àmọ́ ta ló máa san owó 120 tó wà nílẹ̀? ₦3,600,000 ni. Mo ní ìdajì, mo ń bẹ oníbàárà kó san ìdajì kejì sílẹ̀, ìyẹn ₦1,800,000. Láti oṣù Keje, màá máa yọ ₦300,000 kúrò nínú gbèsè wọn lóṣooṣù, kó tó di ìparí oṣù Kejìlá ó ti tán. Bí wọn ò bá fẹ́ san àsansílẹ̀, mo ní láti yá a. Èlé náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, kí owó sì wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin àbọ̀ ní ìpíndọ́gba, ìyẹn ₦243,000. Pín in sí 240, ó lé díẹ̀ ní ₦1,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kan. Nítorí náà iye méjì ni mo máa ń kọ sínú ìwé: ₦37,000 fún ẹni tó san sílẹ̀, ₦38,000 fún ẹni tí kò san. Ẹ má jiyàn lé e lórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yàn.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí risíìtì tiwọn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí iye tiyín. Mo sọ fún ìyá yìí pé, “Màmá, ẹ bá mi kó risíìtì epo ọdún tó kọjá jáde.” A jókòó, a ṣírò ó, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ₦41,000. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé oṣù Karùn-ún tí mo ra ti ₦33,000 ńkọ́?” Òótọ́ ni, mi ò sì bá wọn jà. Mo ní, “Ẹ máa san jù díẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ máa jèrè ₦4,000 lórí kẹ́ẹ̀gì kan tí ọdún bá yí po.” Ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé a rẹ́ òun jẹ nígbà tó bá gbọ́ iye ọjà.

Nípa iye kẹ́ẹ̀gì, mi ò kì í kọ “bí oníbàárà bá ṣe fẹ́”. 16 ni kò gbọ́dọ̀ dín sí, 24 ni kò gbọ́dọ̀ ju lọ lóṣù. Bí wọ́n bá gbà ju 24 lọ, iye ọjà ọjọ́ yẹn ni lórí èyí tó lé. Bí mi ò bá rí i kó wá lọ́jọ́ tó yẹ, wọ́n lè rà á níta kí n san ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò ni ìgbà tí ọjà bá yí padà lójijì. Ẹ rántí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan l'Ékòó kúrò ní nǹkan bí ₦185, ó di ₦488. Ẹni tó ti fi owó ọkọ̀ pamọ́ sínú iye kan láìyà á sọ́tọ̀, òun nìkan ló gbé ẹrù náà. Nínú ₦37,000 mi, mo kọ ₦1,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀, ìyẹn nìkan ló lè yí padà bí bẹntiróòlù bá yí.

Ti epo gan-an, 60 tí a kò tíì rà nìkan ni a lè tún sọ. Èyí tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, owó rẹ̀ ti jáde, ọjà kò lè fọwọ́ kàn án mọ́. Mo kọ ọ́ báyìí: bí iye epo ní Òkìtìpupa bá kọjá ₦52,500, tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ₦42,000 tí a fọkàn sí lọ, a ó pín èyí tó lé sí méjì. Bó bá di ₦56,000, ₦3,500 ló lé, Màmá á fi ₦1,750 kún un, èmi náà á gbé ₦1,750. Bó bá wálẹ̀ ju ₦31,500 lọ, bákan náà la ṣe máa pín in, àǹfààní wọn nìyẹn. A máa ń béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta ní ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ nínú oṣù, a sì ń fi iye náà ránṣẹ́ síra wa lórí Wọ́sáàpù, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé òun gbọ́ ohun mìíràn.

Epo tí a kó pa mọ́ kò gbọ́dọ̀ kan. Omi ló ń jẹ́ kó kan. Ẹ bu ṣíbí kan sínú páànù gbígbóná: bó bá ń ta pàrà-pàrà, omi wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é. Ẹ rọ kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu, ẹ dé e pinpin, ẹ má jẹ́ kí oòrùn bá a, ẹ sì kọ orúkọ oníbàárà sára tirẹ̀ kó lè wá wò ó nígbàkúùgbà. Ẹ kọ sínú ìwé pé bí epo bá dì nísàlẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò bàjẹ́. Ó ti fa ìjà rí.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí i lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e lọ nínú oṣù Kejì, nígbà tí iye epo ṣì ń dun oníbàárà, kí àsansílẹ̀ lè wọlé kí oṣù Kẹta tó parí. Bí owó bá pẹ́ kọjá àárín oṣù Karùn-ún, ₦37,000 kò ṣeé dì mú mọ́, torí epo tí ẹ máa rí rà ní ₦30,000 kò ní tó 180. Ẹ tún ìṣirò náà ṣe kí ẹ tó dá wọn lóhùn.