Ohun tí náírà ṣe, ohun tí àwa ṣe: títún lẹ́tà olùdókòwò kọ nígbà tí owó bá dínkù

Ẹ kú ìjókòó o. Lẹ́tà tí a fẹ́ jọ tún kọ lónìí, èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣòwò ní Èkó lọ́dún 2023 á mọ ibi tó ti ń ta.

Ilé-iṣẹ́ kan ń fi alùpùpù gbé ọjà lọ fún àwọn tó rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, mílíọ̀nù 92 náírà ló wọlé. Iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là jẹ́ bíi 460 náírà nígbà náà, wọ́n sì kọ 200,000 dọ́là ránṣẹ́ sí àwọn olùdókòwò. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 82.8 ló wọlé. Ẹ rántí oṣù kẹfà yẹn: owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, Báńkì Àpapọ̀ sì tú náírà sílẹ̀ ní ọjọ́ 14. Kí oṣù tó parí, dọ́là ti wà ní bíi 750.

Olùdarí wá kọ ọ́ pé: “Nítorí pé náírà já, owó tó wọlé fún wa ṣubú láti 200,000 dọ́là sí 110,000.”

Òótọ́ ni pé náírà já. Ṣùgbọ́n ó fi 750 pín owó oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tó wọlé ní oṣù kẹrin, iye dọ́là ìgbà náà la fi ń ṣírò rẹ̀. Owó tó wà ní báńkì lọ́jọ́ tó kẹ́yìn la ń fi iye ọjọ́ yẹn ṣírò. Bí a bá pín mílíọ̀nù 82.8 sí oṣù mẹ́ta dọ́gbadọ́gba, tí a fi 460 ṣírò rẹ̀ títí di ọjọ́ 14, tí a wá fi 750 ṣírò ìyókù, nǹkan bíi 168,000 dọ́là la ó rí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀rù tí lẹ́tà yẹn fẹ́ dá sílẹ̀ ni kò sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kejì. Ká ní náírà dúró sí 460 títí, 180,000 ni ì bá jẹ́. Nínú 32,000 dọ́là tó dínkù, 12,000 ni ti náírà; 20,000 jẹ́ tiwa. Oníbàárà ńlá kan tó ń mú mílíọ̀nù 11.2 wá láàárín oṣù mẹ́ta ló fi wá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nítorí pé ọjà rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn yòókù fi mílíọ̀nù 2 kún tiwọn. Oṣù kẹrin ló lọ. Kí ni ọjọ́ 14 oṣù kẹfà fẹ́ ṣe sí i?

Àwọn kan ń kọ́ni pé kí a fi ìròyìn burúkú sí àárín ìròyìn rere méjì. Mi ò fara mọ́ ọn. Olùdókòwò tó ní ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá ní Nàìjíríà ti gba àròyé náírà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ya ti náírà sọ́tọ̀ kúrò lára tirẹ̀ ló máa gbà gbọ́.

Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀: “Owó tó wọlé fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dínkù ní náírà. Oníbàárà wa tó tóbi jù lọ kúrò ní oṣù kẹrin torí pé a ń pẹ́ jíṣẹ́. Ní dọ́là, ó jẹ́ 168,000. 12,000 nínú ohun tó dínkù jẹ́ ti náírà. Mílíọ̀nù 180 náírà wà ní báńkì. Epo ti gbé owó tí a ń ná lóṣù lé lórí èyí tó ń wọlé láti mílíọ̀nù 15 sí mílíọ̀nù 18; owó tó wà ní báńkì yẹn máa gbé wa fún oṣù mẹ́wàá.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló ń fọkàn ẹni balẹ̀. Náírà la fi ń san owó oṣù, òun la sì fi ń ra epo. Dọ́là tó wọ́n kò gé oṣù kan kúrò nínú mẹ́wàá yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi dọ́là san gbèsè kò lè sọ bẹ́ẹ̀ o.

Arábìnrin kan béèrè níbí pé: “Ẹ̀gbọ́n, bí oníbàárà kejì bá ń halẹ̀ pé òun náà á lọ, ṣé ká kọ ìyẹn?”

Àbúrò mi, bí ó bá kàn ń ráhùn lórí fóònù, ẹ má kọ ọ́. Bí ó bá ti kọ ìwé ìkìlọ̀, ẹ kọ ọ́ láìdárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ owó. Ká ní mílíọ̀nù 3 lóṣù ni yóò bá a lọ: 18 á di 21, oṣù mẹ́wàá á di mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ẹ kọ oṣù méjèèjì síbẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò fún yín lésì. Ìbéèrè yìí ti gba àkókò wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé “oṣù mẹ́wàá” tí mo kọ lókè kò pé láìsí i.

Ìyókù ní kíákíá: ohun tí ẹ ti ṣe sí ìpẹ́jíṣẹ́, ẹ fi iye ọjà tó dé lásìkò tì í lẹ́yìn, tòní àti tìgbà náà. Ẹ fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo olùdókòwò lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tó pè wọ́n sípàdé.