Ká Tún Un Ṣe àbí Ká Tà Á? Ìṣirò Kámírì Àǹtí Olùkọ́ Kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrìn ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù mi la wà yìí, nítòsí Ọ̀fà Gàràjì, Ìlọrin. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ń wò yìí, Kámírì ọdún 2000 ni, ẹ́ńjìnnì 2.2. Àǹtí kan tó jẹ́ olùkọ́ ló ni ín. Tánkẹ̀ ló ń gbé, Ìdófìàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Jíà rẹ̀ ti ń yọ̀, epo tó sì ń jẹ ti sú u. Wọ́n ti ní kó tà á, kó ra Kòrólà. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan owó.

Epo la ó kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sílé epo, kí wọ́n rọ ọ́ títí ẹnu pọ́ńpù yóò fi já fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lé e. Ẹ fi fóònù ya mítà. Ẹ wá máa lọ ibi tẹ́ ẹ máa ń lọ fún bí ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ padà sílé epo yẹn gan-an, sídìí pọ́ńpù yẹn gan-an, kí wọ́n tún rọ ọ́ títí yóò fi já. Iye lítà tó wọlé nígbà kejì yìí lọkọ̀ jẹ.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣì í o. Ẹ sún mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbí. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà lèyí, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. Àǹtí wa rin 188. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.6, ó di bíi kìlómítà 300. Lítà 45 ló wọlé. A jẹ́ pé lítà 15 ló ń jẹ ní gbogbo kìlómítà 100. Bí ara Kámírì yìí bá yá, lójú ọ̀nà Ìdófìàn tí kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ púpọ̀, kò yẹ kó ju 10 tàbí 11 lọ.

Níbo ni ìyókù ń gbà lọ? Mo wà á jáde dé apá Gánmọ̀, mo ń wo géèjì ìgbóná. Abẹ́rẹ́ yẹn kò dé àárín rárá. Bí mo bá ti ń sáré, ṣe ló tún ń lọ sílẹ̀. Èyí tí mo fura sí ló jẹ́: wọ́n ti yọ támósítáàtì rẹ̀ dànù, ohun tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná tó bó ṣe yẹ. Àwa mẹkáníìkì la máa ń ṣe èyí, kí n má purọ́ fún yín. Tí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, a ó ní támósítáàtì ò wúlò nílẹ̀ olóoru. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ò bá gbóná tó bó ṣe yẹ, bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún un, yóò rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ni, yóò máa da epo kún epo. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rèé, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe dúdú kirikiri. Epo tí kò jóná tán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ náà ti kú. Ká fi támósítáàtì, sẹ́ńsọ̀ àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin sí i, iṣẹ́ ₦85,000 ni. Kì í ṣe ìdí tó fi yẹ kéèyàn ta ọkọ̀.

Ó kan jíà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó wà lórí iṣẹ́, kí jíà wà ní P. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì jíà jáde, kẹ́ ẹ nù ún sórí tíṣù funfun. Pupa ló yẹ kó jẹ́. Èyí dúdú, ẹ sì gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí ohun tó jóná. Yíyí ọ́ìlì nìkan ò lè wo èyí mọ́, jíà tọ́kunbọ̀ ló máa gbà. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo fi géèjì wọn agbára inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sún mọ́ra wọn dáadáa, kò sì ru èéfín. Ẹ́ńjìnnì yè kooro.

Mo wá ní kí àǹtí gba iye owó lọ́wọ́ mẹkáníìkì mìíràn, kó má sọ iye tí mo pè fún wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ bóyá tuntun ni tàbí tọ́kunbọ̀. Èmi kọ ₦650,000: jíà àti iṣẹ́ rẹ̀ ₦420,000, ti epo ₦85,000, ṣọ́kì àti búùṣì ₦145,000. Ẹnì kan kọ ₦480,000, ṣùgbọ́n kò sí ọ́ìlì jíà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ pé wọn yóò gba jíà padà bí kò bá dára. Ẹnì kẹta kọ ₦910,000 torí ó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. A bi í léèrè ohun tó wọ̀n kó tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, kò wọ̀n nǹkan kan.

Iye tí ọkọ̀ lè mú wá lọ́jà ńkọ́? Iye méjì lẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀: bó ṣe wà yìí, àti bí ara rẹ̀ bá yá. Wọ́n ní ₦1,300,000 bó ṣe wà, ₦1,800,000 bá a bá tún un ṣe. Ẹ rí i pé ₦650,000 tá a ná, ₦500,000 péré ló máa padà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tà á lóṣù tó ń bọ̀, kó má wulẹ̀ tún un ṣe, kó tà á bẹ́ẹ̀, kó sì sọ òótọ́ nípa jíà fún ẹni tó ń rà á.

Àǹtí ní tòun, ó fẹ́ máa lò ó ni. Kòrólà tí wọ́n fi hàn án, ₦4,000,000 ni. Ìwé ọkọ̀, táyà àti ìtúnṣe àkọ́kọ́ kò ní dín ní ₦300,000, torí kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Bó bá ta Kámírì ní ₦1,300,000, ó ṣì ku ₦3,000,000 tó máa wá. Bẹ́ẹ̀, ₦650,000 ni àtúnṣe. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦2,350,000.

Ẹ gbọ́ bí ẹni tó fẹ́ ta Kòrólà fún un ṣe ṣírò epo. Kìlómítà 1,200 ni àǹtí ń rìn lóṣù. Ní ₦900 fún lítà kan (ẹ fi iye tó wà lọ́dọ̀ yín rọ́pò rẹ̀), Kámírì ń jẹ ₦162,000 lóṣù. Kòrólà tó ń jẹ 8.5 ní kìlómítà 100 yóò jẹ ₦91,800. "Ẹ ó máa rí ₦70,200 fi pamọ́ lóṣooṣù!" Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n aláìsàn ló gbé síwájú ẹni tára rẹ̀ le. Kámírì tá a ti tún ṣe ló yẹ kó gbé síwájú Kòrólà. Lítà 10.5 la retí lọ́dọ̀ rẹ̀, ₦113,400 lóṣù. Ìyàtọ̀ di ₦21,600 péré. Kí epo tó san ₦2,350,000 yẹn padà, yóò tó bí ọdún mẹ́sàn-án.

Òótọ́ ni pé owó Kòrólà kò ṣòfò, ó wà lára ọkọ̀, àǹtí sì lè tà á lọ́la. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní owó náà lọ́wọ́ báyìí, kò sì ní in láìyáwó. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́ni kankan sọ fún yín pé ọkọ̀ ń lérè torí pé iye tẹ́ ẹ tà á ju iye tẹ́ ẹ rà á lọ. Náírà ló já wálẹ̀, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà náà ti gbówó lórí.

Ohun tí ì bá yí ọ̀rọ̀ mi padà ni ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti bàjẹ́ pẹ̀lú jíà, ìtúnṣe ì bá lé ní ₦1,100,000 lórí ọkọ̀ ₦1,800,000. Tó bá ti lé ní ìdajì báyẹn, èmi a ní kí wọ́n tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìpata bá ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Ẹ yọjú sábẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi ṣúkúrú-díráífà kan irin tó gbé ṣọ́kì dúró. Bó bá wọnú irin, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, ẹ má ra jíà kankan.

Tiwa yìí le dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ti epo, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n bá a ṣe wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tíì wálẹ̀ sí 11, nǹkan mìíràn ṣì wà, ẹ má tíì ra jíà. Tẹ́ ẹ bá wá rà á, kí ẹni tó tà á kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà sórí rìsíìtì. Jíà tọ́kunbọ̀ kì í fi àlébù rẹ̀ hàn títí wọn yóò fi so ó mọ́ ọkọ̀.