Ta la kọjú sí lórí ìrun?

Àsàlámù àléékúmù, ẹ̀yin ará mi l'Ájàṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè bọ́ sórí ọ̀rọ̀, torí inú ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo yà kírun Àsárì ní mọ́sáláṣí àdúgbò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Lára ògiri Gábàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mìhírábù gan-an, wọ́n so aṣọ gbàgẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n tẹ fọ́tò sí. Alhájì tó san owó ọ̀dà ni, ó wọ agbádá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Sáàfù àkọ́kọ́ forí kanlẹ̀, alhájì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi lóhùn pé, "Àáfà, a ò sin ín o, a kàn fi dúpẹ́ ni."

Mo mọ̀ pé ẹ ò sin ín. Àwọn tó kọ́kọ́ yàwòrán àwọn ẹni rere wọn náà ò sin wọ́n lọ́jọ́ kìíní.

Òótọ́ ni pé ẹ ò ní rí áyà kan nínú Àlùkùránì tó sọ ní tààràtà pé ẹ má yàwòrán. Inú hádíìsì lọ̀rọ̀ náà ti le. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn wà nínú Buhárì. Ọkùnrin kan wá bá Ibnu Abaasi, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun fi ń jẹun, àwòrán lòun ń ṣe. Ibnu Abaasi ò jágbe mọ́ ọn. Ó ní ohun tóun gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nìkan lòun máa sọ fún un: ẹni tó bá ya àwòrán, Ọlọ́hun á máa jẹ ẹ́ níyà títí yóò fi fẹ́ ẹ̀mí sínú rẹ̀, kò sì ní lè fẹ́ ẹ láéláé. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì. Ẹ wo bí àánú ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ibnu Abaasi rí i pé ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló dúró níwájú òun, ó wá ní, "Ó mà ṣe o! Bí o kò bá lè fi í sílẹ̀, máa ya igi yìí, àti gbogbo ohun tí kò ní ẹ̀mí."

Kò ní kó lọ da irinṣẹ́ rẹ̀ nù. Ó fi ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ hàn án ni.

Ojú ọ̀nà yẹn sì ni àwọn oníṣẹ́ ọnà tọ̀. Ẹ wo Kubbatu Sakra, ilé ìjọ́sìn tó wà ní Baitul Makidisi, ìyẹn Jerúsálẹ́mù, èyí tí Kálífà Abdul-Máálíkì kọ́ ní ọdún 72 Híjírà, ìyẹn 691 sí 692. Ara ògiri rẹ̀ nínú kún fún igi, ewé àti ohun ọ̀ṣọ́, kò sí ènìyàn, kò sí ẹranko. Lókè wọn, ìwé Lárúbáwá tí wọ́n kọ gùn tó bíi mítà 240. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, Kálífà yìí kan náà yọ àwòrán ọba kúrò lára owó, ó fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé Mùsùlùmí ò yàwòrán rí. Ní Kusayiri Amira ní Jọ́dáànì, inú ilé ìgbafẹ́ àwọn ọmọ ọba Umáyà, ènìyàn àti ẹranko wà lára ògiri títí dòní. Ibi tí wọ́n ti ń forí kanlẹ̀ ni wọ́n fi ìyàtọ̀ sí.

Àwọn bàbá wa Àgùdà náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé, tí wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ nígbà ìjọba Faransé, ìrísí ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ni wọ́n fún un, nítorí iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀ nìyẹn. Òpó, òdòdó àti ọ̀dà aláràbarà ni wọ́n fi ṣe é lẹ́wà. Wọn ò gbé ère ẹni mímọ́ kankan wá síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, iṣẹ́ wà fún yín. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ kò ju okùn, ìṣó àti ẹfun lọ. Kan ìṣó mọ́ àárín, fi okùn yí òbírípo. Fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn láti ọ̀tún dé òsì, kó o tún la igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí méjì. Ojú ibi mẹ́jọ ni wàá rí lára òbírípo náà. Máa fo ọ̀kan bí o ti ń so wọ́n pọ̀, igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba méjì á jókòó lórí ara wọn, ìràwọ̀ dé nìyẹn. Bí o bá to ìràwọ̀ kí ẹnu wọn kan ara wọn, àlàfo alápá mẹ́rin á yọ láàárín wọn fúnra rẹ̀. (Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.)

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn kunlékunlé wa kì í wọn ògiri kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ògiri bá jẹ́ mítà 4, ìràwọ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 40 á wọ̀ ọ́ ní mẹ́wàá géérégé. Bí o bá fi 41 ṣe é, mẹ́sàn-án péré ló máa wọlé, sẹ̀ntímítà 31 á ṣẹ́ kù, ni wọ́n á bá gé ìràwọ̀ tó kẹ́yìn lọ́rùn. Ibi tí mo ń sọ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni igun òsì rẹ̀ rí. Ìlà tó péye máa ń mú ojú lọ ni, kò ní ojú tí yóò wò ọ́ padà, kò sì ní orí tí èèyàn lè máa ki. Ìyẹn ló fi bá ilé ìrun mu.

Ti ìwé kíkọ ló dùn mí jù. Ìkọ̀wé ní òṣùwọ̀n: láti ayé Ibnu Mukila, ọ̀gá nínú ìkọ̀wé Lárúbáwá, tó kú ní Bàgídáàdì lọ́dún 940, tóótó tí ẹnu gègé bá tẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn gíga háráfì. Bísímílááhì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí tí mo ń sọ yẹn, orí kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ Lárúbáwá ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nínú "Bísímì", báù, síìnì àti míìmù gbọ́dọ̀ di ara wọn mú. Lọ́dọ̀ wọn, kálukú dá dúró, wọ́n sì tò wọ́n láti òsì! Ó tún ku èyí tó burú jù. Ọ̀dà ta sábẹ́ háù tó wà nínú "Ar-Rahíìmù", háù di jíìmù. Ẹ ka ohun tó kù: "Ar-Rajíìmù", orúkọ tí a fi ń pe èṣù nígbà tá a bá ń tọrọ ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀! Lára ògiri Gábàsì! Lèmọ́mù ń wò ó, gbogbo wa tá a kéwú ń wò ó, kò sí ẹni tó gbé àkísà.

Ẹ má sì rò pé ohun tí kò ní ẹ̀mí ti lómìnira pátápátá. Ànábì wa fi aṣọ kan tó ní ọnà kírun, ojú rẹ̀ kan ọnà náà. Nígbà tó parí ìrun, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún Abuu Jahimi, kí wọ́n gba aṣọ Abuu Jahimi tí kò lọ́nà wá, torí èyí ti fẹ́ gba ọkàn òun kúrò lórí ìrun. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni o! Èmi àti ìwọ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ fi ògiri tó kọjú sí sáàfù sílẹ̀ lọ́dà kan ṣoṣo, láti ilẹ̀ títí dé ibi tó ga ju orí ẹni tó bá dúró lọ. Ẹ gbé ìràwọ̀ lọ sókè, sí abẹ́ àjà, tàbí síta níbi àlùwàlá. Ẹ fi áyà han ẹni tó mọ ìwé kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Fọ́tò alhájì, ẹ kó o fún ìyàwó rẹ̀, pálọ̀ wọn gbòòrò.