Bí a ṣe ń mọ rógíláìkì, sóòsìláìkì àti mẹtirọidifénia yàtọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú géèmù mẹ́ta yìí sọ́tọ̀, kó má wo àwòrán wọn rárá. Kó wo ohun tí géèmù ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá kú, kó sì wo ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún un.

Nínú rógíláìkì, tó ti ara Rogue ọdún 1980 jáde, ikú ló ń fòpin sí ìrìn àjò. Ẹ ó padà síbẹ̀rẹ̀, ohun ìjà tí ẹ kó jọ á ti lọ, àwọn yàrá á sì ti yí padà, torí kọ̀ǹpútà ló ń tún wọn tò nígbà gbogbo. Sóòsìláìkì ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Dark Souls ọdún 2011, ọ̀nà kì í yí. Tí ẹ bá kú, ẹ ó jí nídìí iná tí ẹ ti sinmi kẹ́yìn, àwọn ẹ̀mí tí ẹ kó jọ, tí ẹ fi ń ra agbára, á sì wà nílẹ̀ níbi tí ẹ kú sí. Tí ẹ bá tún kú kí ẹ tó débẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Hollow Knight ọdún 2017 ló máa ń rú èèyàn lójú. Tí ẹ bá kú níbẹ̀, owó yín á kù sílẹ̀ lọ́wọ́ òjìji yín, àfi kí ẹ padà lọ ṣẹ́gun òjìji náà. Ó jọ sóòsìláìkì. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń sún yín síwájú. Ẹ ó dé ìdí ògiri gíga kan, ẹ ó fò títí, ẹ ò ní dókè. Bó ti wù kí ẹ mọ ìjà tó, ibẹ̀ lẹ máa dúró sí. Ọjọ́ tí ẹ bá rí Mantis Claw ni ẹ ó lè rọ̀ mọ́ ògiri gùn ún, ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ ti ṣẹ́rí kúrò tẹ́lẹ̀ á sì ṣí. Géèmù tó bá jẹ́ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà, mẹtirọidifénia ni, ohun yòówù kí ikú gbà lọ́wọ́ yín.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Hades ọdún 2020 ni mo fara mọ́. Àwọn tó le lórí òfin ní kì í ṣe ojúlówó rógíláìkì, torí ẹ lè fi ohun tí ẹ kó nínú ìrìn kan ra agbára tí ikú ò lè gbà. Ohun tó mú kó gba ẹni tuntun mọ́ra nìyẹn gan-an. Ó tún ní God Mode: tí ẹ bá tàn án, ìpalára á dín ní ìdá 20 nínú 100, ikú kọ̀ọ̀kan á sì fi 2 kún un títí á fi dé 80. Lẹ́yìn ikú mẹ́wàá, ìkọlù tí ì bá gba 50 lára yín á gba 30 péré.

Ẹni tó máa ń tètè sọnù, kó fi Hollow Knight sílẹ̀ ná, torí ríra ni ẹ ó ra máàpù ibẹ̀, tí ẹ ò bá sì fi Wayward Compass sára, máàpù náà ò ní fi ibi tí ẹ wà hàn yín. Tó bá sì jẹ́ sóòsìláìkì lọkàn yín fà sí, ẹ mú Elden Ring ọdún 2022. Bí ọ̀tá ńlá kan tó ń jẹ́ Margit bá ń lù yín ṣáá lẹ́nu ọ̀nà odi, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gba ìhà gúúsù lọ sí Weeping Peninsula, kí ẹ wá agbára kún agbára kí ẹ tó padà wá bá a.