Òfin Fóònù Nínú Ilé Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin òbí. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí àkọ́bí ti pé ọdún 14, tí èyí àárín jẹ́ ọmọ ọdún 8, tí àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 3. Bàbá wọn ṣòfin pé wákàtí kan ni kálukú máa fi wo fóònù lóòjọ́. Àkọ́bí gba tirẹ̀ ní aago mẹ́rin, èyí àárín gbà á ní aago márùn-ún, ó wá kan àbíkẹ́yìn ní aago mẹ́fà. Ṣùgbọ́n láti aago mẹ́rin ni ọmọ kékeré yẹn ti fẹ̀yìn ti èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi wòran.

Ọwọ́ tó mú fóònù ni òfin yẹn ń kà, kò ka ojú tó ń wò ó. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, pé bó bá tilẹ̀ kéré sí i, ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí náà, ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn ni mo máa ń ní kí òbí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jọ wo eré ọmọdé ní aago márùn-ún, fún bí ìṣẹ́jú 40. Nígbà tí àbíkẹ́yìn bá ti sùn ní aago méje, kí èyí àárín gba tirẹ̀ títí di aago méje ààbọ̀ kọjá díẹ̀. Bó bá di aago mẹ́jọ, tí ìyá ń kàwé fún èyí àárín ní yàrá, ó kan àkọ́bí. Ní aago mẹ́sàn-án, fóònù á wọ yàrá òbí lọ gba iná. Bí wọ́n bá ń jí ní aago mẹ́fà, tí èyí àárín sùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, tí àkọ́bí sùn ní aago mẹ́wàá, oorun á tó wọn: ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12, ọ̀dọ́langba nílò 8 sí 10.

Iṣẹ́ ilé-ìwé kò sí nínú ìṣirò yìí, àmọ́ orí tábìlì ìjẹun ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ojú kọ̀ǹpútà kọ síbi tí àgbà ti ń kọjá. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe tẹ́lẹ̀ bá wá ń gba wákàtí méjì, fídíò ti wọ àárín ìwé nìyẹn.

Èyí àárín á ráhùn ṣá. Á ní ẹ̀gbọ́n òun ń jẹ̀gbádùn ju òun lọ. Ẹ má ṣe sọ pé “torí pé òun lẹ̀gbọ́n” kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ ọjọ́ orí tí tirẹ̀ náà máa yí padà, ẹ kọ ọ́ mọ́ ògiri. Bẹ́ ẹ bá kọ 11 síbẹ̀, bó bá pé 11, ẹ má yẹ̀ ẹ́.