Ìlà Ilé Epo, Owó Ni: Bí Iye tí Ìjọba Dè Mọ́lẹ̀ Ṣe Ń Fa Àìtó

Ẹ kú ìjókòó o. Orí ìlà kan ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1974, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn awakọ̀ a máa jí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè lọ tò síwájú ilé epo tí kò tíì ṣí. Òtútù mú, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì. Epo tí wọ́n wá rà ni wọ́n ń jó lórí ìlà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, àsíá ni àwọn ilé epo fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: bí o bá rí àsíá aláwọ̀ ewé, máa bọ̀, bí ó bá jẹ́ pupa, yí ọkọ̀ padà, epo ti tán. Wọ́n tún pín ọjọ́ fún nọ́ńbà ọkọ̀. Èyí tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8 á dúró di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá béèrè ohun tó fà á, wọ́n á ní àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ló kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹwàá ọdún 1973. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn sọ ìdí tí epo fi wọ́n fún wa, kò sọ ìdí tí ìlà fi wà. Wúrà ṣọ̀wọ́n ju epo lọ, ẹnikẹ́ni kì í sùn sẹ́nu ọ̀nà alágbẹ̀dẹ wúrà.

Ibi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971, nígbà tí Ààrẹ Richard Nixon kéde pé owó ọjà àti owó oṣù kò gbọdọ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà fún 90 ọjọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tú ọ̀pọ̀ ọjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tú epo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1974, agbá epo rọ̀bì kan ti di 11.65 dọ́là lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tà á fáyé. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, epo tó ń jáde láti inú kànga àtijọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 5.25 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré wò ó. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi yan àwọn nọ́ńbà yìí. Ká ní ìlú kan ń ra 1,000 lítà epo lójúmọ́ ní owó 10 lítà kan, iye kan náà sì ni àwọn olùtajà ń kó wá. Lọ́jọ́ kan, ohun tó ń wọlé já sí 800. Bí owó bá wà lómìnira, yóò gòkè títí yóò fi dé ibi tí àwọn èèyàn á ti fúnra wọn dín ìrìn wọn kù sí 800. Ká ní 14 ni ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ gba atẹ́gùn á fi ẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn á ṣì rí epo rà.

Ìjọba wá ní 10 ni, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní 10, àwọn èèyàn ṣì fẹ́ 1,000, ohun tó wà sì jẹ́ 800. Ta ni kò ní rí rà nínú wọn? Ẹni tó pẹ́ dé ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe tètè ń dé. Ẹni tó fẹ́ ra 20 lítà mọ̀ pé òun ń jèrè 4 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 80 lápapọ̀. Bí wákàtí rẹ̀ kan bá tó 40, yóò gbà láti jókòó wákàtí méjì kó tó sọ pé kò tọ́ sí i mọ́. Ìlà náà á sì gùn títí yóò fi jẹ àjẹṣẹ́kù owó náà tán. Ẹ wò ó dáadáa: 14 ló san. Ó san 10 fún olùtajà, ó sì fi 4 tó kù jókòó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń sáré kọjá. Tí ó bá jẹ́ pé owó ló fi san 4 yẹn, ẹnìkan ìbá gbà á, ẹni náà á sì rí ìdí láti wá epo níbòmíràn kó tún gbé e wá. Wákàtí méjì tó lò lórí ìlà kò wọ àpò ẹnikẹ́ni. Olùtajà ò lè fi wákàtí ẹni ẹlẹ́ni gbẹ́ kànga. Ìdí nìyẹn tí àìtó tí iye owó bá fà kì í fi í tán fúnra rẹ̀: ohun tí ìbá pe ọjà wá ti ṣòfò lójú pópó.

Ìlà tún máa ń bí ìlà. Nígbà tí epo wà, èèyàn lè jẹ́ kí táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ dáadáa kó tó yà rà. Nígbà tí kò dájú, bó bá ti dín díẹ̀ ni á ti lọ tò. Bí mílíọ̀nù kan ọkọ̀ bá ń gbé 30 lítà kiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, 30 mílíọ̀nù lítà ti kúrò nílé epo nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lò ó. Nítorí èyí làwọn ibì kan fi pàṣẹ pé ẹni tí kò ní ra tó iye kan kó má wulẹ̀ tò.

Ìjọba wá fi ìpín tún un ṣe. Ní ìparí ọdún 1973, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa pín epo fún àwọn olùtajà, ohun tí kálukú lò ní 1972 ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò rìnrìn àjò bíi ti 1972 mọ́. Epo ń lọ sí ibi ìgbafẹ́ tí àlejò kò dé mọ́, ìlú ńlá sì gbẹ. Bí owó bá wà lómìnira, ìyàtọ̀ owó láàárín ibi méjèèjì ni ì bá darí ọkọ̀ agbépo.

Ẹnìkan á ní: kí ló dé tí ìjọba kò kúkú san ìyàtọ̀ náà? Owó ìrànwọ́ nìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni. Bí wọ́n bá fẹ́ kí oníbàárà san 10, kí 1,000 lítà sì wọlé, tí ó sì jẹ́ 18 ló máa mú olùtajà gbé 1,000 wá, ìjọba á san 8 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 8,000 lójúmọ́. Níwọ̀n ìgbà tí owó náà bá ń dé, ìlà ò ní sí. Ọjọ́ tí ìjọba bá ní 5,000 péré lòun ní, owó náà kò lè gbé ju 625 lítà lọ ní 18. Òfin 10 ṣì wà níbẹ̀, ìlà á sì yọ. Bí ó bá wà ní àpò ìjọba pàápàá, ẹni tó bá ra epo ní 10, tó sì lè kó o kọjá ààlà lọ ta ní 18, yóò kó o lọ. Owó ìrànwọ́ ń wọ orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn nìyẹn.

N kò sọ pé gbogbo òté tí wọ́n bá fi lé owó ló ń fa àìtó. Bí òté bá ga ju iye tí ọjà fúnra rẹ̀ ń tà, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí olùtajà kan ṣoṣo bá sì di ọjà mú, tó mọ̀ọ́mọ̀ ń dín in kù kí ó lè wọ́n, òté tó bá mọ níwọ̀n lè mú kí ó tà sí i. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ rọrùn: mo máa ń béèrè bóyá ọjà náà wà lẹ́yìn ilé. Bí kò bá sí ní iye ìjọba, ṣùgbọ́n tí ẹni tó gbé owó tó jù bẹ́ẹ̀ dání ń rí i rà lójú ẹsẹ̀, ọjà kò tán. Iye owó ló fi í pamọ́.

Ìlà Amẹ́ríkà tún padà wá ní 1979, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ní Ìráànì, torí òté ṣì wà lórí epo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1981, Ààrẹ Ronald Reagan mú èyí tó kù kúrò. Owó epo kọ́kọ́ gun òkè díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo tó pọ̀ sí i lágbàáyé ló ṣe púpọ̀ nínú ìyẹn. Ohun tó dán ọ̀rọ̀ yìí wò gan-an ni oṣù Kẹjọ ọdún 1990, nígbà tí Ìráàkì gba Kùwéètì, tí epo orílẹ̀-èdè méjèèjì sì kúrò lọ́jà. Owó epo fò sókè, àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ráhùn, wọ́n bú àwọn ilé iṣẹ́ epo. Wọ́n yà sílé epo, wọ́n rà, wọ́n sì lọ.